Ọba, Olùgbowó àti Aṣọ́nà: bí a ṣe lè kọ ìtàn ìdáríjì fún ọmọ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kẹta

Ìbéèrè: Olùkọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kẹta ni mí ní Òmù-Àrán. Mo fẹ́ kọ ìtàn ìránṣẹ́ tí ọba dárí gbèsè jì, tí òun ò wá dárí ji ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní Yorùbá tó rọrùn fún kíláàsì mi. Nígbà tí mo sọ ọ́ ní táàmù tó kọjá, àwọn kan ò mọ èwo nínú àwọn ìránṣẹ́ náà ló ń bẹ̀bẹ̀, àwọn kan sì ń bi mí pé kí ló dé tí ọba tún gba ìdáríjì rẹ̀ padà. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtàn náà wà nínú Mátíù orí 18, ẹsẹ 21 sí 35. Kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ "ó". Ìránṣẹ́ ni àwọn ọkùnrin méjèèjì tó jẹ gbèsè, Jésù ò sì dárúkọ ìkankan nínú wọn. Tí olùkọ́ bá wá ń sọ pé "ó wólẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, kò gbà, ó ní kí wọ́n lọ tì í mọ́lé," ẹni tó ti mọ ìtàn náà tẹ́lẹ̀ nìkan ló máa yé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ti sọnù láti orí "ó" kejì. Ohun tó ń wo èyí sàn ni kí ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní iṣẹ́, kí ẹ sì máa fi iṣẹ́ yẹn pè é látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kódà bó bá ń sú ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ pe ti àkọ́kọ́ ní Olùgbowó, kí ẹ pe ìkejì ní Aṣọ́nà.

Jésù ò sọ pé aṣọ́nà ni ìkejì, àwa la fi kún un, kò sì yí ohunkóhun padà nínú ìtàn. Ti Olùgbowó ní ìdí tirẹ̀. Ọmọ tó bá gbọ́ "ìránṣẹ́", ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbálẹ̀ tó ń fọṣọ ló máa wá sí i lọ́kàn, yóò sì béèrè ibi tí ọmọ ọ̀dọ̀ ti rí irú owó bẹ́ẹ̀ yá. Ìbéèrè gidi ni. Gbèsè tó pọ̀ tó yẹn kọjá owó tí èèyàn kan ń yá lọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹni tí owó ìlú ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, tó ń gba owó òde fún ọba tí kò sì kó o délé, ló lè wọ irú rẹ̀. Ẹ fi gbólóhùn méjì péré sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ìbéèrè náà ò ní í jáde mọ́.

Ọba ní tirẹ̀, ẹ má fún un lórúkọ, ẹ má sì jẹ́ kí ó jọ ọba ìlú yín. Àwọn ọmọ Òmù-Àrán mọ Olómù, wọ́n sì mọ ibi tí ààfin wà. Ìtàn tí ọba ti ti èèyàn mọ́lé lè délé kí ó di ọ̀rọ̀ mìíràn kí ilẹ̀ tó ṣú. "Ní ilẹ̀ kan tó jìnnà sí tiwa" ti tó.

Orí iye owó gan-an ni ìtàn yìí dúró lé, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń sọ ọ́ fún ọmọdé sábà máa ń fò. Wọ́n á ní ọ̀kan jẹ "owó púpọ̀", èkejì jẹ "owó kékeré", wọ́n á sì kọjá lọ. Nínú Mátíù, ti àkọ́kọ́ jẹ ẹgbàárùn-ún tálẹ́ńtì, ìyẹn 10,000. Ti ìkejì jẹ ọgọ́rùn-ún dénárì. Dénárì kan ni wọ́n ń san fún lébírà fún iṣẹ́ ọjọ́ kan, bí ẹ ṣe lè rí i nínú ìtàn àwọn alágbàṣe inú ọgbà àjàrà ní Mátíù orí 20. Tálẹ́ńtì kan sì tó 6,000 dénárì. Ẹ bá mi ṣe é ní ìsọdipúpọ̀: gbèsè Olùgbowó jẹ́ owó iṣẹ́ 60,000,000 ọjọ́. Bí èèyàn bá ń ṣiṣẹ́ ní 300 ọjọ́ lọ́dọọdún, tí kò sì jẹun, tí kò ra aṣọ, ọdún 200,000 ni yóò fi san án. Ti Aṣọ́nà jẹ́ iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ọjọ́, oṣù mẹ́ta ó lé díẹ̀.

Ẹ kíyè sí ti Aṣọ́nà yẹn dáadáa. Owó iṣẹ́ oṣù mẹ́ta kì í ṣe owó gúgúrú. Tí ẹ bá sọ ọ́ di owó súwíìtì nítorí kí ìyàtọ̀ lè hàn, Olùgbowó á kàn di ahun lójú àwọn ọmọ, ìtàn ìdáríjì á sì di ìtàn ahun. Gbèsè gidi ni wọ́n jẹ Olùgbowó, ó sì tọ́ kí ó dùn ún. Ọmọ tí wọ́n jí bírò rẹ̀ mọ̀ pé ohun tí àgbà ń pè ní kékeré lè dunni. Ẹ jẹ́ kí gbèsè kejì tóbi tó láti dunni, kí gbèsè àkọ́kọ́ sì wá tóbi tó láti gbé e mì.

Ẹ má ṣẹ́ gbèsè náà sí náírà. Iye tí lébírà ń gbà lóòjọ́ ní Òmù-Àrán lónìí yàtọ̀ sí ti Ìlọrin, ti ọdún tó ń bọ̀ á sì tún yàtọ̀ sí ti ọdún yìí, ìwé tí ẹ kọ á ti gbó kí bébà rẹ̀ tó gbó. "Owó iṣẹ́ ọjọ́ kan" ò ní í gbó.

Mílíọ̀nù ọgọ́ta ò lè wọ orí ọmọ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kẹta bí a bá kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù, ẹ má ṣe dààmú. Ẹ̀wà ni kí ẹ lò. Ẹ ka ọgọ́rùn-ún hóró ẹ̀wà sínú àtẹ́lẹwọ́ ọmọ kan níwájú kíláàsì, kí gbogbo wọn jọ máa kà á sókè. Hóró kan ni iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ohun tó wà lọ́wọ́ ọmọ yẹn, gbèsè Aṣọ́nà nìyẹn, kò ju bíi ogún gíráàmù lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ ti Olùgbowó. Bí hóró márùn-ún bá wọ̀n tó gíráàmù kan, mílíọ̀nù ọgọ́ta hóró á wọ̀n tó 12,000 kílò, ìyẹn ọgọ́fà àpò ẹ̀wà, àpò ńlá ọlọ́gọ́rùn-ún kílò tí wọ́n ń já lọ́jà. Ẹ ní kí wọ́n wo kíláàsì yíká kí wọ́n sọ ibi tí wọn yóò kó ọgọ́fà àpò sí. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ibi tí àga máa wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn fún ìṣẹ́jú kan. Hóró ẹ̀wà ò dọ́gba, ti olóyin lè kéré ju ti funfun lọ, nítorí náà ẹ máa sọ pé "bí ọgọ́fà". Ẹ ṣe ẹ̀wà yìí kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá dá ìtàn dúró láàárín láti ka ẹ̀wà, ìtàn á tutù.

Ohun kan wà tó tún ṣe pàtàkì ju iye owó lọ, òun náà sì rọrùn láti bàjẹ́. Nínú Mátíù, ọ̀rọ̀ tí ìránṣẹ́ àkọ́kọ́ fi bẹ ọba ní ẹsẹ 26 àti èyí tí ìkejì fi bẹ òun náà ní ẹsẹ 29 fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Mọ̀ọ́mọ̀ ni. Àwa tí wọ́n kọ́ nílé ìwé pé ká má máa tún ọ̀rọ̀ kan náà lò ló máa ń fẹ́ dárà níbẹ̀, a ó ní àkọ́kọ́ "bẹ̀bẹ̀ tẹkúntẹkún", a ó ní ìkejì "rọ̀ ọ́ pé kí ó fún òun lákòókò díẹ̀ sí i". Ọmọ tó ń gbọ́ ọ ò ní í mọ̀ pé ohun kan náà ni. Ẹ kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan náà, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ kan náà, kí ẹ sì kà á sókè pẹ̀lú ohùn kan náà.

Bí ìtàn náà ṣe lè rí rèé:

Ní ilẹ̀ kan tó jìnnà sí tiwa, ọba kan wà. Ọba yìí ní Olùgbowó. Iṣẹ́ Olùgbowó ni kí ó gba owó lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, kí ó kó o fún ọba. Ṣùgbọ́n Olùgbowó ò kó owó náà fún ọba. Ó ń ná an.

Lọ́jọ́ kan, ọba ṣí ìwé ìṣirò. Ó ní kí wọ́n pe Olùgbowó wá.

Ọba ní, "Owó mi dà?"

Olùgbowó ò lè fọhùn. Gbèsè tó jẹ ọba pọ̀ jù. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ títí tó fi darúgbó, kò lè san án tán. Bí ọmọ rẹ̀ bá gbà á ṣe, kò lè tán. Bí ọmọ ọmọ rẹ̀ bá gbà á ṣe, kò lè tán.

Ọba ní, "Ẹ mú Olùgbowó, ẹ mú ìyàwó rẹ̀, ẹ mú àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ kó gbogbo ohun tó ní. Kí gbogbo wọn máa sìn mí títí gbèsè mi á fi tán."

Olùgbowó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù fún mi. Màá san gbogbo rẹ̀."

Àánú Olùgbowó ṣe ọba. Ọba mọ̀ pé kò lè san án láé. Ọba mú kálàmù, ó fagi lé gbèsè náà nínú ìwé.

Ọba ní, "Dìde. Mo ti dárí gbogbo gbèsè rẹ jì ọ́. O ò jẹ mí ní kọ́bọ̀ mọ́. Máa lọ sílé."

Olùgbowó jáde. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó dé ẹnu ọ̀nà ààfin, ó rí Aṣọ́nà.

Aṣọ́nà jẹ Olùgbowó ní gbèsè. Gbèsè náà ò pọ̀ tó ti ọba. Bí Aṣọ́nà bá ṣiṣẹ́ fún ọgọ́rùn-ún ọjọ́, yóò san án tán.

Olùgbowó di ẹ̀wù Aṣọ́nà mú lọ́rùn. Ó ní, "San owó mi! San án nísinsìnyí!"

Aṣọ́nà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù fún mi. Màá san gbogbo rẹ̀."

Olùgbowó ò gbọ́. Ó ní kí wọ́n lọ ti Aṣọ́nà mọ́lé. Ó ní Aṣọ́nà ò ní í jáde títí yóò fi san gbèsè náà tán.

Àwọn òṣìṣẹ́ ààfin yòókù rí i. Ó dùn wọ́n gan-an. Wọ́n lọ sọ fún ọba.

Ọba tún pe Olùgbowó. Ọba ní, "O bẹ̀ mí, mo dárí gbogbo gbèsè rẹ jì ọ́. Ṣé kò yẹ kí ìwọ náà ṣàánú Aṣọ́nà, bí mo ṣe ṣàánú rẹ?"

Olùgbowó ò lè fọhùn.

Ọba ní kí wọ́n lọ ti Olùgbowó náà mọ́lé, títí yóò fi san gbèsè rẹ̀ tán.

Ìtàn ọ̀hún ò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ tí ẹ bá kà á jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn ìgbà tí Aṣọ́nà bá ti bẹ̀bẹ̀ tán, ẹ dákẹ́. Ẹ má wo ìwé, ojú àwọn ọmọ ni kí ẹ wò. Tó bá ti wọlé, ẹnì kan á pariwo pé "Ohun tí òun náà sọ fún ọba nìyẹn!" Bí kò bá sẹ́ni tó sọ ọ́, ẹ padà sí ibi tí Olùgbowó ti bẹ ọba kí ẹ tún kà á, ẹ má ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Ọmọ tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ò ní í gbàgbé.

Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ṣe é ní eré, ìdọ̀bálẹ̀ dára, ẹ̀wù dídìmú ò dára. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó ń ṣe Olùgbowó kàn na ìka sí i, nítorí ní àkókò ìsinmi, ọrùn gidi ni wọ́n máa dì mú. Nínú ìtàn tí ẹ kọ, ẹ má yọ ọ́ kúrò o. Mátíù sọ pé ó fún un lọ́rùn. "Di ẹ̀wù mú" ti mú un rọrùn tó. Bí ẹ bá tún mú un rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwà Olùgbowó ò ní í burú tó láti múnú bí ẹnikẹ́ni. Ohun kan náà ni mo ṣe sí títa tí ọba ní kí wọ́n ta ìyàwó àtọmọ ní ẹsẹ 25, tí mo sọ di sísìn. Àwọn adánilóró ẹsẹ 34 ni kí ẹ yọ pátápátá fún kíláàsì yìí, ìtìmọ́lé nìkan ti tó wọn.

Tí ẹ bá máa kọ ọ́ fún wọn láti kà, ẹ fi àmì ohùn sí i pé. Owó àti ọwọ́, ọrùn àti ọ̀run ló máa ń gbé ọmọ ṣubú jù níbí. Nínú ìtàn tó ti inú Bíbélì wá, ọmọ tó rí "lorun" láìsí àmì lè ka Olùgbowó dé ọ̀run.

Ó ku ìbéèrè àwọn ọmọ yín, pé kí ló dé tí ọba tún gba ìdáríjì rẹ̀ padà. Ìdáhùn tó máa ń yá olùkọ́ lẹ́nu ni pé inú bí ọba, tàbí pé Ọlọ́run máa ń fìyà jẹ ẹni tí kò dárí ji ẹlòmíràn. Èkíní sọ ọba di ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í dúró. Èkejì máa ń mú ọmọ sọ "mo ti dárí jì í" ní ẹnu lásán nítorí ẹ̀rù. Ẹ bi àwọn ọmọ léèrè dípò rẹ̀. Ẹ kọ òfin méjì sára bọ́ọ̀dù. Àkọ́kọ́: "Ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀, a ó dárí jì í." Ìkejì: "Ẹni tó bá jẹ gbèsè, yóò san án tán." Ẹ bi wọ́n pé èwo ni Olùgbowó fẹ́. Ẹnì kan á ní àkọ́kọ́, ẹnì kan á ní ìkejì, wọ́n á jà sí i díẹ̀ kí wọ́n tó rí i pé ó fẹ́ àkọ́kọ́ fún ara rẹ̀, ó sì fẹ́ ìkejì fún Aṣọ́nà. Ẹ wá bi wọ́n pé òfin wo ni ọba fi bá a lò nígbẹ̀yìn. Òfin tí Olùgbowó fúnra rẹ̀ yàn lẹ́nu ọ̀nà ni. Ọba ò kàn ṣàdédé yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹnì kan ò lè lo òfin méjì láàfin kan náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á gbà pé ó bá a mu. Àwọn kan á ṣì ní ọba ti le jù, ẹ má fi ipá yí wọn lọ́kàn padà.

Wọ́n á tún béèrè pé ṣé wọ́n tú Aṣọ́nà sílẹ̀. Mátíù ò sọ. Ẹ sọ fún wọn bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ya ohun tó rò sínú ìwé rẹ̀. Ẹ má parí ìtàn náà fún Jésù.

Ibì kan wà tí ìtàn ìdáríjì ti máa ń ṣe ọmọdé ní jàǹbá, tí àwọn àgbà kì í fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n kan ń lù, tàbí tí àgbà kan ń ṣe é ní nǹkan tí kò dáa, lè gbọ́ "dárí jì" kí ó gbọ́ "má sọ fún ẹnikẹ́ni". Ẹ lo àwọn òṣìṣẹ́ ààfin. Wọ́n rí ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì lọ sọ fún ẹni tó lágbára láti dá a dúró. Ẹ bi kíláàsì pé ṣé olófòófó ni wọ́n. Ṣé ọba bá wọn wí? Kò bá wọn wí. Ẹ sọ ọ́ ketekete níbẹ̀ pé èèyàn lè dárí jini kí ó sì lọ sọ fún olùkọ́ tàbí ìyá rẹ̀. Ní kíláàsì kẹta, apá yìí ni kí ẹ fún ní àkókò jù, àní bí ẹ̀wà ò bá tilẹ̀ sí.

Tó bá jẹ́ pé nínú iṣẹ́ èdè Yorùbá lẹ ti fẹ́ lò ó, tí ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kìrìsìtẹ́nì sì jọ jókòó bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa, ẹ sọ láìfi bò pé ìtàn tí Jésù sọ ni, ẹni tí àwọn kan nínú wọn ń pè ní Ànábì Ísà nílé, kí ẹ sì jẹ́ kí ìtàn náà dá dúró fúnra rẹ̀. Ẹsẹ 35, tó kan Baba ọ̀run tààrà, ẹ fi í sílẹ̀ de kíláàsì ẹ̀kọ́ Bíbélì.

Ìbéèrè Pétérù tó bí ìtàn náà, bóyá kí òun dárí jini lẹ́ẹ̀méje, mo yọ ọ́ fún kíláàsì kẹta. Jésù dá a lóhùn pé títí dé ìgbà àádọ́rin lọ́nà méje. Ọmọ kékeré á ṣe é ní ìṣirò, á rí 490, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà sẹ́yìn ìwé fún ẹni tó jókòó tì í. Fún kíláàsì karùn-ún àti kẹfà, ẹ dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ìṣirò náà gan-an, kí ẹ sì bi ẹni tó bá ti dé 490 pé ṣé ó lè bá yín rántí ìgbà kẹtàdínlógún.